Bí a ṣe ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé ínkírímẹ́ǹtì ò tó ohun tó ń retí

Jánúárì 2025, èmi ni mo kọ lẹ́tà ínkírímẹ́ǹtì ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà káàkiri láti Ìbàdàn. Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn lórí ímeèlì ní aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà ni "inú wa dùn láti fi tó yín létí." 10% ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Oṣù yẹn náà ni àjọ tó ń ka iye nǹkan lórílẹ̀èdè wa, NBS, sọ pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ti dé 34.80% ní Disẹ́ḿbà, àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìrẹsì Kérésì tán ni o, ara ń kan wọ́n. Kí n tó dé Challenge, fóònù mi ò simi mọ́. Ẹnìkan ya fọ́tò lẹ́tà ẹ̀ sórí gúrúùpù Wọ́sáàpù, ó yí àmì pupa sí "inú wa dùn" yẹn, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "inú ta ló dùn?"

Mo sọ èyí kí ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan tí mo fẹ́ kọ síbí tí n ò kọ́kọ́ ṣe ní òdì. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ́ ọ, a tún un ṣe ní ọdún tó tẹ̀lé e níbòmíì, owó náà ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ariwo ò sì wáyé. Bí a ṣe ṣe é rèé, fún ẹni tó jẹ́ mánéjà tàbí ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí kò tóbi púpọ̀, bí èèyàn ọgbọ̀n sí ọgọ́rùn-ún.

1. Kọ́kọ́ wá ibi tí ìrètí yẹn ti wá

Òṣìṣẹ́ ò kàn ṣàdédé fọkàn sí 30%. Ẹnìkan ló sọ nǹkan fún un, tàbí ó gbọ́ níbì kan. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó sọ̀rọ̀ jáde, ẹ bi àwọn súpáfáísọ̀ pé "èló ni àwọn ọmọ wa ń sọ láàárín ara wọn?" Wọn á sọ fún yín, torí wọ́n ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò.

Ní tiwa, ibi mẹ́ta ló ti wá. Èkíní, ọ̀gá wa fúnra wọn ló sọ níbi páátì Disẹ́ḿbà pé "lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo wa la máa jẹun," wọ́n ti jó tán kí wọ́n tó sọ ọ́, inú wọn dùn, wọn ò sì rántí mọ́ ní ọjọ́ kejì. Àwọn òṣìṣẹ́ rántí. Èkejì, sítọ́kípà kan ní ilé iṣẹ́ tó dojú kọ tiwa ti sọ fún ti wa pé 330,000 ni òun ń gbà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ owó oṣù tó kéré jùlọ tí ìjọba kéde lọ́dún 2024, tó kúrò ní 30,000 bọ́ sí 70,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ti ìsàlẹ̀ ṣe ju ìlọ́po méjì lọ, ti òkè náà gbọ́dọ̀ fò bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀, iye tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ẹ̀ ló sọ, kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gba 250,000 tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dúró sí iwájú èèyàn tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òfin fún un lọ́jọ́ tí ọkàn ẹ̀ bàjẹ́, ẹ ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ èyí fún àwọn súpáfáísọ̀ tẹ́lẹ̀, kó lọ káàkiri díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu tiwọn.

Tí ìrètí bá ti ga ju owó tó wà nílẹ̀ lọ gan-an, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ páátì ló gbọ́dọ̀ dìde tún un sọ, kì í ṣe ẹ̀yin. Tiwa dìde ní mítíìnì ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ní "ohun tí mo sọ ní Disẹ́ḿbà, mo sọ ọ́ kí n tó rí ìwé ìṣirò ọdún. Ínkírímẹ́ǹtì máa wà, kò ní tó bí mo ṣe rò ó." Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó le fún wọn láti sọ, ojú wọn pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn èèyàn fi gbé e mì kí nọ́ńbà tó dé.

2. Ṣe ìṣirò náà títí dé owó tó máa wọ àkáǹtì

Ibi tí ọ̀pọ̀ mánéjà ti máa ń kọsẹ̀ nìyí. Wọ́n á sọ pé "a fi 30,000 kún un fún yín," òṣìṣẹ́ á lọ ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú 30,000, oṣù á parí, 23,000 àti díẹ̀ ló máa rí. Ìbínú ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí máa ń le ju tàkọ́kọ́ lọ torí ó dà bí ìgbà tí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú sítọ́kípà wa. 250,000 ló ń gbà, a sọ ọ́ di 280,000, ìyẹn 12%. Ní tiwa gbogbo owó oṣù náà ló wà lábẹ́ bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀, nítorí náà pẹ́ńṣàn 8% máa kan gbogbo ẹ̀. Pẹ́ńṣàn ẹ̀ kúrò ní 20,000, ó di 22,400. Owó orí wá ńkọ́? Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì 2026 sọ pé 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún ò ní owó orí, 2,200,000 tó tẹ̀lé e, 15% ni, ohun tó bá wá kọjá 3,000,000 títí dé 12,000,000 di 18%. Ní 250,000, lẹ́yìn pẹ́ńṣàn, owó ọdún ẹ̀ jẹ́ 2,760,000, owó orí ẹ̀ jẹ́ 24,500 lóṣù. Ní 280,000, owó ọdún ẹ̀ lẹ́yìn pẹ́ńṣàn jẹ́ 3,091,200, ó ti yọ orí díẹ̀ kọjá 3,000,000, owó orí ẹ̀ wá di 28,868 lóṣù.

Nítorí náà 205,500 ló ń wọ àkáǹtì tẹ́lẹ̀, 228,732 ló máa wọ̀ ọ́ báyìí. Ìyàtọ̀ ẹ̀ jẹ́ 23,232. Nọ́ńbà yìí ni kẹ́ ẹ mú wọlé bá a, kẹ́ ẹ sọ ọ́ pọ̀ mọ́ 30,000.

Nǹkan méjì wà nínú ìṣirò yìí tó lè ṣe òṣìṣẹ́ láǹfààní gan-an. 2,400 tí pẹ́ńṣàn fi kún un yẹn ò ṣòfò, ilé iṣẹ́ á fi 10% tiwọn sí i, ìyẹn 3,000, 5,400 ló ń lọ sínú àkáǹtì pẹ́ńṣàn ẹ̀ lóṣooṣù lórí àfikún yìí nìkan. Èkejì ni owó ilé. Òfin tuntun náà gbà kí wọ́n yọ 20% owó ilé tí èèyàn ń san lọ́dún kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí, ohun tí wọ́n máa yọ ò ṣáà gbọdọ̀ ju 500,000 lọ. Sítọ́kípà wa ń san 600,000 fún ilé ẹ̀ ní Mọ́níyà, ìyẹn jẹ́ kí 120,000 bọ́ kúrò, owó orí ẹ̀ wá fi bíi 1,700 náírà dín lóṣù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n rìsíìtì lásán ló ná an, n ò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi fi í sílẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ẹ má ṣe ka owó tí òfin ìjọba dá padà fún un mọ́ owó tí ẹ̀yin fún un. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí akáùńtáǹtì kan nínú wọn ya ìṣirò náà sọ́tọ̀ tó sì pín in fún gbogbo ilé.

Ṣe ìṣirò yìí fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kó wà lórí bébà kan péré. Owó àná, owó òní, ohun tó máa wọ àkáǹtì, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Epírì la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ tí Jánúárì sì ni ọdún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ kedere bóyá ẹ máa san ti oṣù mẹ́ta ẹ̀yìn tàbí ẹ ò ní san án.

3. Mú ìdí tó jẹ́ òótọ́ tó sì ṣe é sọ lójú ọmọ

"Kò sówó" kì í ṣe ìdí. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jíìpù, ẹ máa di ẹlẹ́yà. Ìdí tó ń wọ etí èèyàn ni èyí tó ní iye nínú, tó sì bá ohun tí òun fúnra ẹ̀ ń fojú rí mu.

Tiwa rí báyìí. Gbogbo owó oṣù wa lápapọ̀ jẹ́ 9,200,000 lóṣù fún èèyàn 46. Owó tí wọ́n yọ̀ǹda fún àfikún jẹ́ bíi 1,100,000 lóṣù, ìyẹn 12%. Tá a bá fún gbogbo èèyàn ní 30%, 2,760,000 la nílò lóṣù, kò sì sí níbẹ̀, torí dísẹ́ẹ̀lì àti táyà ti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọdún tó kọjá, kọ́sítọ́mà ńlá méjì sì jẹ wá ní gbèsè. Sítọ́kípà mọ èyí, òun ló ń kọ táyà jáde ní sítọ́ọ̀! Bó ṣe gbọ́ táyà ló mi orí.

A wá pín 1,100,000 yẹn sí méjì. Gbogbo èèyàn gba 12,000, láti ọ̀dọ̀ kílínà dé ọ̀dọ̀ mánéjà, ìyẹn gba 552,000. 548,000 tó kù la fi ṣe ti ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ tayọ àti ti ẹni tí owó ẹ̀ ti kéré jù sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ìta. Sítọ́kípà gba 18,000 nínú ìyẹn. Mo fẹ́ràn kí apá kan jẹ́ owó kan náà fún gbogbo èèyàn ju kó jẹ́ pasẹ́ńtì lọ, torí 10% fún ẹni tó ń gba 120,000 jẹ́ 12,000, ó sì jẹ́ 60,000 fún ẹni tó ń gba 600,000, àwọn méjèèjì sì ń ra gàárì lọ́wọ́ ìyá kan náà. Àwọn kan ò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, wọ́n ní àwọn ọ̀gá kéékèèké ò ní fẹ́, òótọ́ ni, mánéjà wa kan kùn títí. Ìyẹn jẹ́ ìpinnu tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe tán kẹ́ ẹ tó wá síbí. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ tèmi ni pé ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ bí wọ́n ṣe pín in fún ẹni tó bá béèrè, ní gbólóhùn mẹ́ta, láì wo ilẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ padà lọ bi ọ̀gá, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni.

4. Àwọn súpáfáísọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, ní ọjọ́ kan ṣáájú

Ẹ sọ fún wọn ní ọjọ́ kan péré ṣáájú, ẹ má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò jò. Ẹ sọ tiwọn fún wọn ná, nítorí súpáfáísọ̀ tí ọkàn ẹ̀ bàjẹ́ lórí tiẹ̀ ò lè sọ ti ẹlòmíì dáadáa. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánwò ẹ̀ lẹ́nu, kí ẹnìkan ṣe òṣìṣẹ́ kí ẹnìkan ṣe ọ̀gá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lẹ máa ti gbọ́ ẹni tó fẹ́ sọ pé "èmi náà bínú sí i o, ìṣe àwọn ará òkè nìyẹn." Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an lẹ fẹ́ kó mọ̀ kó tó di ọjọ́ kejì. Tí súpáfáísọ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́, ó ti sọ fún un pé kò sí ẹni tó gba ìpinnu náà gbọ́, ọmọ iṣẹ́ á sì kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lókè, ìyẹn ẹ̀yin, mẹ́fà mẹ́fà, ní ọjọ́ kan náà.

5. Ọjọ́ náà

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má fi lẹ́tà ṣe é, ẹ má fi ímeèlì ṣe é, ẹ má sì ṣe é ní mítíìnì gbogbo gbò níbi tí ojú ẹnìkan á ti yẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹnìkọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilẹ̀kùn títì. Èèyàn 46, súpáfáísọ̀ márùn-ún, ó parí ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdè kan. Ọjọ́ kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ní Túsìdè á ti sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ní Wẹ́síńdè, ó sì máa sọ ọ́ bó ṣe dùn mọ́ òun. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ burú, mo ti sọ ti Jímọ́ọ̀ tèmi. Àwọn èèyàn á gbé e lọ sílé, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n á fi máa sọ ọ́ pẹ̀lú ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n wọn láìsí ẹni tó lè dá wọn lóhùn. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà, àwọn dẹ́ráfà, ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní ọjọ́ yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n bá ti páàkì. Ẹ má pè wọ́n nígbà tí wọ́n ń wakọ̀ lọ́nà Ìbàdàn sí Èkó, ẹ jọ̀ọ́.

Nínú yàrá náà, nọ́ńbà ló máa ṣáájú. Ìkíni, ìjókòó, lẹ́yìn náà nọ́ńbà, kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Èmi náà máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríyìn gígùn, torí ó rọrùn fún mi, àmọ́ ẹni tó jókòó níwájú yín ò gbọ́ oríyìn yẹn, ó ń wá "ṣùgbọ́n" nínú ẹ̀.

Bí tèmi pẹ̀lú sítọ́kípà ṣe lọ nìyí, ọkùnrin náà ju mi lọ ní bíi ọdún mẹ́wàá, bọ̀ọ̀dá ni mo máa ń pè é.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀, ẹ jókòó. Mo ti mú ti yín dání. Owó yín kúrò ní 250,000, ó di 280,000 láti oṣù yìí. 30,000 ni, 12%. Lẹ́yìn pẹ́ńṣàn àti owó orí, ohun tó máa fi kún èyí tó ń wọ àkáǹtì yín jẹ́ 23,232. Mo mọ̀ pé kò tó ohun tẹ́ ẹ ń retí."

Mo wá dákẹ́. Èyí ló le jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ máa fẹ́ kún ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ máa fẹ́ sọ pé "ṣùgbọ́n ẹ wò ó, nǹkan á dára." Ẹ pa ẹnu mọ́. Mo ka ìlà tó wà lára igi tábìlì, mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ níta, ó tó bíi ìṣẹ́jú àáyá ogún. Bọ̀ọ̀dá ń wo bébà náà. Ó wá sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, mo ti ń bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Ẹni tó wà lódì kejì títì yẹn ń gba 330."

Ẹ̀yin tó ń kà á, kí lẹ máa sọ? Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹ má jiyàn lórí ẹni òdì kejì. Ẹ ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, n ò rí péèsílíìpù ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni tiwa. 1,100,000 ni gbogbo àfikún oṣù kan fún èèyàn 46. Gbogbo wa gba 12,000, ẹ̀yin gba 18,000 sí i nítorí pé nǹkankan ò sọnù ní sítọ́ọ̀ lọ́dún tó kọjá àti nítorí pé a mọ̀ pé owó yín kéré sí ti ìta. A ò rí gbogbo ẹ̀ dí. Dísẹ́ẹ̀lì àti táyà, ẹ ń rí i fúnra yín."

Ó ní, "Táyà yẹn, ó pọ̀." Ó tún dákẹ́. Ó wá béèrè ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń béèrè: "Ìgbà wo la tún máa wò ó?"

Ẹ dáhùn pẹ̀lú ọjọ́ gidi tàbí kẹ́ ẹ sọ pé kò sí. "A ó máa wò ó" kì í ṣe ìdáhùn, òṣìṣẹ́ gbọ́ ọ bí ìlérí, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀ á wá bá yín ní kẹ́ ẹ mú un jáde. Mo sọ fún un pé "Jánúárì ọdún tó ń bọ̀ ni àtúnyẹ̀wò tó kàn. Kò sí òmíràn láàárín méjì. Tí nǹkan bá yí padà, èmi fúnra mi ló máa wá sọ fún yín, ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì." Kò dùn mọ́ ọn. Ó dìde, ó ká bébà náà sí méjì, ó fi sápò, ó ní "ẹ ṣé, ma," ó jáde. Kò ṣe bí ẹni tínú ẹ̀ dùn, ó kàn ti gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀.

6. Àwọn ohun tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu yín

"Inú wa dùn." Mo ti sọ ìdí.

"Ẹ dúpẹ́ pé ẹ tún níṣẹ́." Ẹni tó gbọ́ èyí ti ń wáṣẹ́ kó tó dé ilé.

Owó ẹlòmíì, kódà bí ẹ rò pé ó máa mú un fúyẹ́. "Akáùńtáǹtì wa gan-an ò gba tó yín" ti ta owó akáùńtáǹtì, ẹ sì ti sọ fún un pé ẹ máa ta tiẹ̀ náà fún ẹni tó ń bọ̀ wọlé lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá béèrè "èló ni lágbájá gbà," ẹ sọ pé "n ò ní sọ tiẹ̀ fún yín, bí mi ò ṣe ní sọ tiyín fún un," kẹ́ ẹ wá sọ bí a ṣe pín gbogbo owó. Èyí lẹ lè sọ láìbẹ̀rù, ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ní ìpele kẹta.

Ẹ má sì ṣèlérí láti fi mú ẹkún dúró. Mánéjà kan tí mo mọ̀ ló sọ fún obìnrin kan tó ń sunkún pé "máa fọkàn balẹ̀, a ó fún ẹ ní bọ́nọ́ọ̀sì ní Júnì." Kò sí bọ́nọ́ọ̀sì kankan nínú ìwé. Nígbà tí Júnì dé, obìnrin náà wá béèrè, wọ́n ní kó lọ bi mánéjà, mánéjà ti kúrò.

7. Ẹni tí kò gba nǹkankan ju ti gbogbo gbò lọ

Àwọn wọ̀nyí le jù, ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ fún súpáfáísọ̀ nìkan, ẹ wà níbẹ̀. Tí iṣẹ́ ẹ̀ ló fa á, kì í ṣe ọjọ́ yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pé láàárín ọdún kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ń pẹ́ kó tó kó ìwé wá, ẹ̀bi súpáfáísọ̀ ni, ẹ tọrọ àforíjì lórí ìyẹn níwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ohun tó kù. Ẹ sọ nǹkan kan tàbí méjì tó lè kà fúnra ẹ̀, bí "wébìlì mẹ́sàn-án ló dé lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún ní oṣù mẹ́ta tó kọjá," kẹ́ ẹ sì fún un ní oṣù mẹ́ta láti tún un ṣe, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa wò sílẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé owó lásán ló tán kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dá ẹ̀sùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún un kí ìpinnu lè dà bí èyí tó bójú mu. Wọ́n máa ń mọ̀.

8. Lẹ́tà àti péèsílíìpù

Lẹ́tà máa tẹ̀lé e ní ọjọ́ náà kan náà, kó tó kúrò ní ọ́fíìsì. Kó kúrú: owó àtijọ́, owó tuntun, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pín sí bésíìkì àti àláwáǹsì, ọjọ́ àtúnyẹ̀wò tó ń bọ̀. Kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ kankan tí ẹnu yín ò sọ nínú yàrá. Tí bésíìkì bá dúró sójú kan tó jẹ́ àláwáǹsì míì lẹ fi kún, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ná, torí òṣìṣẹ́ tó gbọ́n á rí i pé pẹ́ńṣàn òun ò ga, á sì rò pé ẹ fi pamọ́ fún un.

Ọjọ́ márùn-ún kí owó tó jáde, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe péèrọ̀ọ̀lù, kẹ́ ẹ fi bébà ẹnìkọ̀ọ̀kan wé ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ní tiwa a rí mẹ́rin tó ṣì wà ní owó àtijọ́, àti ẹnìkan tí wọ́n tẹ 208,000 fún dípò 280,000. Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá sítọ́kípà gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Ọlọ́run ló yọ mí.

9. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀

Ariwo kì í ṣe ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò, ẹni tó pariwo ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹni tó dákẹ́. Ẹ wo ẹni tí kì í gba líìfù tẹ́lẹ̀ tó wá ń gba ọjọ́ kan ọjọ́ kan ní àárín ọ̀sẹ̀, tó wọ ṣáàtì funfun wá ní Tọ́sìdè. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí pé òun ń ṣiṣẹ́ níbí, tí kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ níṣẹ́ láìsí ẹni tó ní kó kọ́ ọ.

Ẹ lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má pè é wá sí ọ́fíìsì. Mo lọ bá bọ̀ọ̀dá ní sítọ́ọ̀ ní ọjọ́ tí péèsílíìpù jáde, mo ní "ó wọlé bó ṣe yẹ?" Ó fi fóònù ẹ̀ hàn mí, 228,732. Ó ní òun ò tíì mú rìsíìtì owó ilé wá, lándíloọ̀dù òun ní òun ò ní ìwé rìsíìtì. Mo ní kó lọ ra búkù rìsíìtì ní Dùgbẹ̀, kó mú un lọ bá bàbá náà kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà síbi táyà tó ń kà.

Ó ti mú rìsíìtì náà wá. Bóyá ó máa dúró títí di Jánúárì, n ò lè sọ.